Kọ̀ǹpútà tuntun tó kọ̀ tí kò tàn: ẹ kọ́kọ́ yọ mọ́dábọọ̀dù kúrò nínú kéèsì

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará, mo fọwọ́ ara mi to kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, fáànù á yí díẹ̀, á sì dúró lójú ẹsẹ̀. Mo ti pààrọ̀ ráàmù, kò yàtọ̀. Ẹnì kan ní páwápáàkì ló bàjẹ́, ẹlòmíràn ní kí n wo píìnì inú sọ́kẹ́ẹ̀tì pùrósẹ́sọ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?”

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì ra páwápáàkì. Èmi ra òmíràn nígbà tèmi, owó ọ̀hún sì ṣòfò, torí pé èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Ohun tó ń ṣe gan-an ni ohun tó yẹ kó ṣe. Bí iná bá rí ọ̀nà gbà kọjá níbi tí kò yẹ kó gbà, tó ṣọ́ọ̀tì, páwápáàkì tó dára á mọ̀ ọ́n lára, á sì pa ara rẹ̀ kí nǹkan tó jóná. Ìdí nìyẹn tí fáànù fi ń yí díẹ̀ tó sì ń dúró. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà níwájú yín ni pé níbo ni iná ti ń ṣọ́ọ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí. Kéèsì tòkunbọ̀ ni mo lò, tó lágbára tó sì fẹ̀ dáadáa. Ẹni tó lò ó ṣáájú mi ti fi mọ́dábọọ̀dù kékeré sínú rẹ̀, irú tí wọ́n ń kọ mATX sí lára. Ńlá ni èmi rà, ATX. Ẹ mọ àwọn òpó idẹ kéékèèké tí wọ́n máa ń dè mọ́ ara páànù kéèsì, tí mọ́dábọọ̀dù á gbé ara lé, tí síkúrù á sì wọ inú wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ẹ̀yìn mọ́dábọọ̀dù sókè bíi mílímítà 6 kúrò lára páànù, kí irin má bàa kan irin. Mo ka ihò tó wà lára mọ́dábọọ̀dù mi, mẹ́sàn-án ni. Mo wo inú kéèsì, òpó mẹ́fà bá ihò mi mu. Mo wá de mẹ́ta kún un nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ihò mẹ́ta tó kù wà. Síkúrù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wọlé láìjà, mọ́dábọọ̀dù sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ohun tó lè mú mi fura.

Ohun tí n kò ṣe ni pé n kò ka òpó. Méjìlá ni wọ́n. Mọ́dábọọ̀dù kékeré àti ńlá jọ ń lo ìlà òpó tòkè àti ti àárín, ṣùgbọ́n ìlà ìsàlẹ̀ wọn kò papọ̀ rárá: ti kékeré sún mọ́ àárín, ti ńlá wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Òpó mẹ́ta tí ẹni àkọ́kọ́ lò fún ìsàlẹ̀ tirẹ̀ ṣì dúró síbẹ̀, mo sì gbé mọ́dábọọ̀dù mi lé wọn lórí. Níbi tí orí wọn ti kàn án, kò sí ihò kankan. Ẹ̀yìn àwọn ihò tí a máa ń ki káàdì sí ló wà níbẹ̀, níbi tí òjé tí wọ́n fi jó o pọ̀ bí ìrẹsì. Òpó jẹ́ irin tó so mọ́ kéèsì. Òjé kan sì lè jẹ́ ojú ọ̀nà iná fóltì 12. Bí wọ́n bá ti fara kanra, ó parí.

Nítorí èyí, ẹ tú mọ́dábọọ̀dù jáde kúrò nínú kéèsì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Mo mọ̀ pé ó ń tánni lókun, pàápàá bí ẹ bá ti to wáyà dáadáa, ṣùgbọ́n ìdánwò yìí nìkan ló lè pín ọ̀ràn òpó àti ọ̀ràn píìnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan sí i kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ gbé mọ́dábọọ̀dù lé orí páálí tó bá a wá. Ẹ má gbé e lé ọ̀rá tó ń dán tí wọ́n fi wé e, torí pé ọ̀rá náà lè gbé iná. Ẹ fi pùrósẹ́sọ̀ àti kúlà sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ẹ fi ráàmù ẹyọ kan ṣoṣo sí i. Bí pùrósẹ́sọ̀ yín bá lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, ẹ yọ káàdì àwòrán pẹ̀lú. Ẹ ki wáyà iná ńlá sí i, ẹ ki wáyà pùrósẹ́sọ̀ tó wà lókè sí i (ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé èyí), ẹ dá wáyà ògiri padà, kí ẹ wá fi ẹnu síkúrúdíráfà kan píìnì méjì tí wáyà bọ́tìnnì kéèsì máa ń wọ̀. Ìwé tó bá mọ́dábọọ̀dù wá á fi wọ́n hàn yín. Ẹ kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré.

Tèmi tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wo ojú ẹ̀rọ, inú mi dùn, inú mi sì tún bàjẹ́ nítorí owó páwápáàkì. Bí tiyín náà bá tàn lórí páálí, inú kéèsì ni ìṣòro wà. Ẹ gbé mọ́dábọọ̀dù sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ fi wé páànù, ẹ ka ihò, ẹ ka òpó. Òpó èyíkéyìí tí kò bá ní ihò lórí rẹ̀, ẹ tú u kúrò. Ihò tí kò ní òpó lábẹ́ kì í sábà mú iná ṣọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n mọ́dábọọ̀dù á máa tẹ̀ níbẹ̀ bí ẹ bá ń ki ráàmù tàbí wáyà, nígbà mìíràn á tẹ̀ títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan páànù. Nínú kéèsì mìíràn, wọ́n ti tẹ òpó mọ́ ara páànù láti ilé iṣẹ́, kò ṣe é tú. Bí irú èyí bá bọ́ sí ibi tí kò sí ihò, kéèsì náà kò bá mọ́dábọọ̀dù yín mu. Ẹ má fi téèpù bò ó.

Bí kò bá tàn lórí páálí, ìgbà yẹn ni kí ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Èyí náà ti kàn mí, kì í ṣe kọ̀ǹpútà kan náà. Mo ń bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi to tirẹ̀, mo sì fẹ́ nu eruku kúrò létí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Aṣọ tí mo fi nù ún há, òwú kan ṣoṣo ni, ó sì fa píìnì mẹ́ta lọ. Kò sí ariwo, kò sí ohun tó dún. Sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA1700 tí Íńtẹ̀lì gbé jáde ní 2021 ní píìnì 1,700. AM5 ti AMD ní 1,718. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tín-ín-rín ju irun ojú lọ lójú ẹni, mẹ́ta nínú wọn kì í sì í tètè hàn sí ojú lásán.

Àmì rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Fáànù ń yí lọ, kò dúró, àwòrán ni kò yọ, iná kékeré tí wọ́n kọ DRAM sí sì ń tàn lára mọ́dábọọ̀dù. Mo gbé ráàmù láti ihò kan sí òmíràn, mo wá rí i pé nínú ihò méjì tó wà ní apá kan, ó ń tàn. Ní apá kejì, kò tàn rárá. Ìyẹn ló là mí lójú. Pùrósẹ́sọ̀ ń bá ráàmù sọ̀rọ̀ ní ojú ọ̀nà méjì, píìnì ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́tọ̀. Bí píìnì ojú ọ̀nà kan kò bá kan ìdí pùrósẹ́sọ̀, ojú ọ̀nà yẹn kú. Ṣùgbọ́n bí píìnì bá tẹ̀ débi pé ó fara kan èkejì, tí ọ̀kan jẹ́ ti iná, ó lè ṣe bí tiyín ṣe ń ṣe yìí: á yí, á dúró. Àmì nìkan kò tó láti fi dájọ́, ojú ni kí ẹ fi wò ó.

Ẹ yọ pùrósẹ́sọ̀ lọ sókè ṣánṣán, ẹ má wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ fà á tóbi. Orí àwọn píìnì á máa dán ní ìlà bí ewé àgbàdo tí wọ́n gbìn létòlétò. Ẹ ya àwòrán láti apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí pé èyí tó tẹ̀ máa ń fara pamọ́ láti apá kan. Ibi tí ìlà bá já, tàbí tí orí píìnì kan kò bá dán bí àwọn tó yí i ká, ibẹ̀ ni.

Láti tún un ṣe, abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó tín-ín-rín àti awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ni mo lò. Àṣìṣe tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ni pé mo fẹ́ na píìnì ṣánṣán. Wọn kì í dúró ṣánṣán; ṣe ni wọ́n fì sí apá kan láti ilé iṣẹ́, kí wọ́n lè rọ̀ sílẹ̀ bí pùrósẹ́sọ̀ bá tẹ̀ wọ́n. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ ti abẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ sún un díẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ ya àwòrán, kí ẹ tó tún sún un. Ó gbà mí ní wákàtí méjì fún mẹ́ta. Píìnì kan kì í gbà kí a tẹ̀ ẹ́ síwá-sẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ kó tó kán. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń jó òjé fóònù, ó ní ẹ̀rọ awò.

Bí píìnì bá ti kán, nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ dára, àmọ́ kò túmọ̀ sí pé ó parí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ilẹ̀ lásán tàbí ti iná, wọ́n sì pọ̀ débi pé ẹyọ kan lè lọ kí ohunkóhun má yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ti ráàmù tàbí ti ihò káàdì, apá yẹn ni ẹ máa pàdánù. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, méjì padà sípò, ẹ̀kẹta kán sí mi lọ́wọ́. Ojú ọ̀nà ráàmù kejì kò ṣiṣẹ́ títí dòní. Ó ń lo gígábáìtì 16 nínú ihò ẹyọ kan, BIOS sì rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ gbé àwòrán sọ́kẹ́ẹ̀tì yín síbí bí ẹ bá yà á, kí ẹ sì sọ bóyá kéèsì yín jẹ́ tuntun tàbí tòkunbọ̀, àti iye òpó tí ẹ bá kà.