Ẹ bi í léèrè ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n nà án

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọlọ́pàá wá mú àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fa ọwọ́ gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì nà án títí ojú rẹ̀ fi wú. Wọ́n ní torí pé ó bá àwọn jà ni. Ṣé a ṣì lẹ́jọ́ báyìí?"

Ẹ lẹ́jọ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní 2021, ohun kan náà ni wọ́n sì sọ: "Ó bá wa jà." Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́nu mọ́, torí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ìbàdàn. Ọkùnrin mẹ́ta wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sí ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù nínú wọn. Ọ̀kan di ọrùn ẹ̀wù mi mú, ó ní kí n máa bọ̀. Mi ò mọ̀ wọ́n rí, wọn ò sì sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Mo já ara mi gbà, ìgúnpá mi sì bá èyí tó wà lẹ́yìn mi láyà. Wọ́n gbé mi ṣubú, wọ́n ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹẹ̀kẹ̀ sí i, wọ́n wá gbé mi jókòó sílẹ̀ ti ògiri. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ pé mo ra fóònù tí wọ́n jí. Mo dákẹ́. Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹni tí mo fi ìgúnpá bá fi padà wá, tó sì fi ìdí ìbọn gbá mi léjìká láti òkè. Mo gbọ́ ìró egungun náà kí n tó mọ̀ pé ó dùn mí.

Nígbà tí mo rí béèlì gbà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà mi bí ẹni tí inú ń bí, mo kàn ń sọ pé wọ́n nà mí, wọ́n nà mí. Obìnrin náà jẹ́ kí n sọ tán. Lẹ́yìn náà ó mú bébà kan, ó fa ìlà kan sí àárín rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ní, "Nígbà tí wọ́n fi ìbọn gbá ọ, níbo lọwọ́ rẹ wà?" Mo ní ó wà lẹ́yìn mi nínú ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹẹ̀kẹ̀. Ó ní, "Ọ̀tún ìlà yìí nìyẹn. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dè ọ́, òsì ló wà."

Ìlà yẹn ni ẹjọ́ mi dúró lé. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò níhà gúúsù gba ọlọ́pàá láyè láti lo agbára tó bá pọn dandan láti fi borí agbára tí ẹni tí wọ́n ń mú fi ń kọ̀ fún wọn. Ẹ wò ó dáadáa: agbára ẹni tó ń kọ̀ ni wọ́n fi ń wọn ti ọlọ́pàá. Bí àbúrò yín bá fa ọwọ́, wọ́n lè fa ọwọ́ náà padà, wọ́n lè dì í mú, wọ́n tiẹ̀ lè gbé e dálẹ̀ bó bá ń jà. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣíwọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ borí ti tán nìyẹn, kò sì sí ohun tí wọ́n tún fẹ́ fi agbára wọ̀n mọ́. Èyí tí wọ́n bá gbá a lẹ́yìn náà, ẹ̀san ni. Òfin kan náà sọ pé ẹni tí a fún láyè láti lo agbára, tó bá kọjá ààlà, yóò jẹ́jọ́ ohun tó fi kọjá. Abala 34 nínú ìwé òfin 1999 sì kọ̀ kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni lóró, ì báà jẹ́ olè.

Ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ní ìwọ̀n. Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀daràn ti 2015, ní abala 5, ní wọn ò gbọdọ̀ de èèyàn àfi bí wọ́n bá ní ìdí tó yè láti bẹ̀rù pé yóò jà tàbí pé yóò sá, tàbí kó jẹ́ nítorí ààbò òun fúnra rẹ̀, tàbí kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ rẹ̀. Èmi já ara mi gbà, torí náà lọ́yà mi kò fi àkókò ṣòfò lórí pé wọ́n dè mí.

Ìlà kan náà ni wọ́n fà nínú ẹjọ́ George Floyd, ọkùnrin tó kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà. Floyd kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí ọlọ́pàá Derek Chauvin gbé orúnkún lé e lọ́rùn fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ọwọ́ Floyd ti wà nínú ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹẹ̀kẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2021, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà fúnra rẹ̀, Medaria Arradondo, jẹ́rìí pé ó yẹ kí wọ́n ti dáwọ́ dúró nígbà tí Floyd kò jà mọ́.

A gbé ẹjọ́ náà lọ gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìwé ìbúra ni wọ́n sábà máa ń fi ro irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ẹ̀ ń dúró jẹ́rìí lójoojúmọ́. Nínú tèmi, lọ́yà mi ní kí n kọ ọ́ pé mo já ara mi gbà, pé ìgúnpá mi bá ọlọ́pàá. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní bí mo bá pa á mọ́, tí wọ́n sì mú ẹni tí àyà ń dùn jáde, adájọ́ kò ní gba ìyókù gbọ́. Ìyá alákàrà iwájú ṣọ́ọ̀bù náà búra pé, "Ọmọ náà ti jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, kí wọ́n tó fi ìbọn gbá a."

Ìwé tiwọn ló wá tú wọn. Wọ́n kọ ọ́ pé agbára díẹ̀ ni àwọn lò láti fi mú mi. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n tún ti kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí àwọn dè mí tán, mo tẹ̀ lé àwọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó sọ bí egungun tó so ọrùn mọ́ èjìká mi ṣe ṣẹ́. Ìwé dókítà sì sọ pé ìgbá láti òkè ló ṣẹ́ ẹ, kì í ṣe ìṣubú. Adájọ́ ní gbígbé tí wọ́n gbé mi ṣubú kò kọjá ìwọ̀n, èyí dùn mí nígbà náà. Ó ní ìdí ìbọn yẹn ni kò ní àwíjàre, ó sì ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú. Owó náà kò tíì dé ọwọ́ mi. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ìdájọ́ yàtọ̀ sí owó.

Ní ti àbúrò yín, ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 kò fi gbèdéke ọjọ́ lé e, ṣùgbọ́n ojú tó wú kò ní dúró de adájọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lónìí. Kó sọ fún dókítà ohun tí wọ́n fi gbá a àti bó ṣe wà nígbà náà, bóyá ó dúró ni tàbí ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀, kí ẹ sì ya ti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, torí pé àpá ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹẹ̀kẹ̀ máa ń tètè parẹ́, òun ló sì ń fi hàn pé wọ́n dè é. Ẹ wá ẹni tó wà níbẹ̀ kí ìbẹ̀rù tó mú un, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ èyí tó fojú rí nìkan.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ jókòó tì í, ẹ fa ìlà sórí bébà. Ẹ bi í pé èwo nínú ìgbá náà ló wọlé kí wọ́n tó dè é, èwo ló wọlé lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá ṣe sọ ọ́, títí kan ọwọ́ tó fà gbà.