Èsì: Kí ló dé tí òṣùwọ̀n iye owó ọjà fi ń sọ ọ̀wọ́n ju bó ṣe rí?

“Ìwé ní òṣùwọ̀n iye owó ọjà lè fẹ ọ̀wọ́n gógó lójú. Báwo?”

Àbúrò, torí pé agbọ̀n ọjà, ìyẹn irú ọjà àti iye rẹ̀ tí òṣùwọ̀n náà ń ṣírò owó wọn, kì í yí padà, ṣùgbọ́n àwa tó ń ná owó ń yí padà.

Ẹ wo ìdílé kan tó ń nájà l’Ọ́jà Ọba, l’Ákùúrẹ́ níbí. Owó àfiwé ni mo fi ṣe é. Lọ́dún ìpìlẹ̀, ìyẹn ọdún tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀:

1. Ìrẹsì kóńgò 10, ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦15,000.
2. Gààrí kóńgò 10, ₦500 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦5,000.

Àpapọ̀ ₦20,000, òun là ń pè ní 100. Lónìí ìrẹsì di ₦2,500, gààrí di ₦600. Agbọ̀n kan náà di ₦31,000. Ẹ pín in pẹ̀lú ₦20,000, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100: 155.

Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ti dín ìrẹsì kù sí kóńgò 6, ó sọ gààrí di 15. Ó ná ₦24,000, ìyẹn 120. Bí ẹ̀bà bá tẹ́ wọn lọ́rùn bí ìrẹsì, 155 ti sọ àsọdùn. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ tipátipá, ìnira náà ju 120 lọ, àmọ́ kò tó 155.

Gbogbo èyí rí bẹ́ẹ̀ kìkì nígbà tí owó ọjà kan bá sáré ju ti èkejì. Bí gààrí náà bá fò bí ìrẹsì, kò síbi tí a ó yà sí.

Bí ọdún ìpìlẹ̀ bá ṣe pẹ́ tó ni àlàfo yìí ń fẹ̀ sí i. 2009 ni Nàìjíríà ń lò títí wọ́n fi gbé e wá sí 2024.