Ohun tí ìsọníṣókí sọ, àti ohun tí èsì gbè lẹ́yìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ń kọ iṣẹ́ másítà mi lọ́wọ́. Ìsọníṣókí tó wà níwájú iṣẹ́ ìwádìí nìkan ni mo sábà máa ń kà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń fa ọ̀rọ̀ yọ. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní ohun tí mo kọ kọ́ ni èsì wọn sọ. Báwo ni mo ṣe lè dá méjèèjì mọ̀? — Nọ́ọ̀sì kan, Agbowó, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan, Nọ́ọ̀sì. Ẹ má tíì ka gbólóhùn tó kádìí ìsọníṣókí. Ìlà tó sọ ohun tí wọ́n pinnu láti wọ̀n gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ìyẹn òṣùwọ̀n pàtàkì wọn. Ẹ dà á kọ sínú ìwé yín. Kí ẹ wá ṣí abala èsì, kí ẹ wá òṣùwọ̀n yẹn náà nínú tábìlì, kí ẹ wo nọ́ḿbà tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan tó lókìkí ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìwádìí 329, tó jáde lọ́dún 2001 ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ 275 tí àìsàn ìdoríkodò ń bá jà ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: 93 lo oògùn parọsẹtíìnì, 95 lo oògùn imipirámíìnì, 87 sì ń gbé hóró tí kò ní oògùn kankan nínú mì. Ìsọníṣókí wọn kádìí rẹ̀ pé ara gba parọsẹtíìnì dáadáa, àti pé ó ń ṣiṣẹ́ fún ìdoríkodò àwọn ọ̀dọ́.

Inú ìsọníṣókí yẹn kan náà ni wọ́n ti dárúkọ òṣùwọ̀n pàtàkì méjì. Èkíní ni iye ọmọ tí ara wọn yá, èyí tó túmọ̀ sí pé máàkì wọn lórí òṣùwọ̀n Hámítìn, tí wọ́n fi ń wọn bí ìdoríkodò ṣe le tó, kò ju 8 lọ, tàbí pé ó fi ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni bí máàkì náà ṣe lọ sílẹ̀ tó.

Ní báyìí, ẹ lọ sínú tábìlì. Lórí èkíní, 66.7% àwọn tó lo parọsẹtíìnì lara wọn yá, 55.2% sì ni nínú àwọn tó lo hóró lásán; p = 0.11. Lórí èkejì, p = 0.13. Iye p ló ń sọ bó ṣe rọrùn tó kí kòńgẹ́ nìkan mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Ààlà tí wọ́n sábà ń lò ni 0.05, méjèèjì ló sì kọjá rẹ̀. Èyí kò fi hàn pé oògùn náà kò ṣe nǹkan kan o. Ohun tó fi hàn ni pé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó láti sọ pé kì í ṣe kòńgẹ́ lásán.

Kí wá ni ìsọníṣókí kà sílẹ̀ bí àṣeyọrí? Nǹkan mẹ́rin mìíràn. Ẹ wo àkọ́kọ́ nínú wọn dáadáa: "máàkì Hámítìn tí kò ju 8 lọ". Ẹ rántí pé òṣùwọ̀n pàtàkì ní "tàbí" nínú. Wọ́n gé apá kan rẹ̀ mú, 63.3% sí 46%, p = 0.02, ó sì jọ òṣùwọ̀n pàtàkì débi pé ẹni tó ń sáré kàwé kò ní fura. Ibí ni mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó tún àwọn ìwé abẹ́nú ìwádìí náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà rí i pé òṣùwọ̀n 27 ni wọ́n dán wò, mẹ́rin péré ló mú èsì rere wá, kò sì sí ìkankan nínú mẹ́rin yẹn tó wà nínú ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá da àwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹja díẹ̀ á kó sí i. Ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde, nítorí náà ẹ kò lè fi ojú lásán rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi hàn yín lókè, inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ "ara gbà á" náà ńkọ́? Iye àwọn tí wọ́n pa oògùn tì nítorí ìnira ni ìsọníṣókí sọ: 9.7% sí 6.9%. Inú abala èsì lẹ óò ti rí i pé ọmọ 11 ni ìnira ńlá bá nínú àwọn 93, àti pé 2 péré ni nínú àwọn 87 tó lo hóró lásán. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ dókítà ni kò dé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn mìíràn tún gbogbo ìṣirò náà ṣe nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lọ́dún 2015, wọ́n ní oògùn náà kò sàn ju hóró lásán lọ, ewu rẹ̀ sì pọ̀ sí i, títí kan ìrònú pípa ara ẹni.

Nínú iṣẹ́ yín, ẹ má kọ pé "parọsẹtíìnì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́". Ẹ kọ ọ́ pé: "Lórí òṣùwọ̀n pàtàkì méjèèjì tí wọ́n yàn, kò sí ìyàtọ̀ tó dájú láàárín parọsẹtíìnì àti hóró lásán." Bí ẹ kò bá sì rí odidi iṣẹ́ kan kà, ẹ bẹ àwọn ará láíbírì kí wọ́n bá yín wá a. Bí kò bá tíì wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ má fi ìsọníṣókí rẹ̀ ti àríyànjiyàn kankan lẹ́yìn.