Ẹ pa fláàṣì yẹn

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Pẹ́ńsùlù ni ọmọ mi fi ṣe àṣetiléwá ìṣirò, kò sì tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Mo fẹ́ fi fóònù ya fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí tíṣà: mo tan fláàṣì, mo sún mọ́ ìwé náà dáadáa, síbẹ̀ tíṣà ní òun ò rí nǹkan kà. Irú fóònù wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ má ra fóònù kankan, màmá. Fláàṣì tí ẹ tàn ló pa iṣẹ́ ọmọ yín rẹ́.

Pẹ́ńsùlù kì í ṣe yíǹkì. Gíráfáìtì, ohun dúdú inú rẹ̀, máa ń dán. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kun ojú ìwé kan kó dúdú, kí ẹ wá máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún níwájú iná, ẹ ó rí i tó ń kọ mànà bíi páànù tuntun. Ẹ̀gbẹ́ ojú kámẹ́rà gan-an ni fláàṣì wà, torí náà ìmọ́lẹ̀ tó bá kọlu nọ́ńbà á padà tààrà sójú kámẹ́rà, ohun tó yẹ kó dúdú á wá funfun bí ìwé tó wà lórí rẹ̀.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ̀ ọmọ kan nítorí èyí. Mo rí 3.3 × 6 = 22.8 nínú fótò, mo sì ti fẹ́ fa ìlà pupa sí i. Nígbà tí wọ́n tún un yà láìsí fláàṣì, 3.8 ni ọmọ kọ. Ìdajì 8 ló ti dán lọ. Ó gbà á!

Lọ́sàn-án, ẹ tẹ́ ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹ pa gílóòbù òkè. Ẹ gbé fóònù sókè tó ìwọ̀n rúlà kan, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 30, kí ó dojú kọ ìwé tààrà, kí ẹ fi ìka tẹ nọ́ńbà kan lójú fóònù, kí ó lè mú un gún. Sísún mọ́ ọn jù ló ń sọ ọ́ di bàìbàì.

Bí ọwọ́ bá ti ra ibì kan nínú iṣẹ́ náà, ti ibẹ̀ yàtọ̀. Ẹnu pẹ́ńsùlù máa ń gbẹ́ ojú ìwé díẹ̀, ojú ibẹ̀ kì í sì í parẹ́ bí dúdú rẹ̀ bá tilẹ̀ fọ́n ká. Ẹ ya fótò kejì fún ibẹ̀ nìkan: ẹ ṣú yàrá, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù mìíràn lélẹ̀ lórí tábìlì, kí iná rẹ̀ máa rá pálá kọjá lórí ìwé. Òjìji á dúró sínú ihò náà.

Ẹ má lo àwọ̀ dúdú-àti-funfun tó wà nínú áàpù tó ń ya ìwé. Ó máa ń sọ gbogbo ohun tí kò bá dúdú dáadáa di funfun pátápátá, á sì sọ ibi tó ra di dúdú kirikiri. Bí ẹ bá ń fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ gba ibi Document, kó má baà fún fótò náà pọ̀. Fóònù kì í ṣe ọ̀kan náà ṣá o, ti yín lè fi í síbòmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bírò tọ nọ́ńbà ọmọ kí ẹ tó yà á. Tiyín ni tíṣà máa máàkì nígbà náà. Èyí tí kò bá ṣeé kà nínú fótò síbẹ̀, ẹ fún ọmọ ní ìwé náà kó gbé e lọ fún tíṣà rẹ̀.