Kí ló sọ “is” di “was” nínú afọ̀ agbàrán?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọmọ mi tó ń múra ìdánwò Wáẹ̀kì kọ “He said that he is coming tomorrow.” Olùkọ́ rẹ̀ fagi lé e. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ òbí o. Yorùbá ni ọmọ yín fi ro gbólóhùn yẹn. Bí a bá ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, èyí tí à ń pè ní afọ̀ agbàrán, “Ó ní òun ń bọ̀” là ń wí, ì báà jẹ́ àná ló sọ ọ́, ì báà jẹ́ èṣí. “Ń bọ̀” kò yí padà. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, bí “said” bá ti ṣáájú, ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀ lé e máa ń sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Lọ́jọ́ Ajé, Kúnlé pe obìnrin aránṣọ rẹ̀ lórí fóònù láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà: “I am waiting for you here, and I will pay you tomorrow.” Lọ́jọ́bọ̀, aránṣọ náà ń rò ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé: “Kunle said that he was waiting for me there, and that he would pay me the next day.” “Am” di “was”, “will” di “would”. “I” di “he” torí Kúnlé ló ń sọ̀rọ̀. “You” di “me” torí aránṣọ náà ni wọ́n ń bá wí. Ká ní àbúrò aránṣọ náà ló ń ròyìn ni, “her” ni ì bá jẹ́. Ilé ni aránṣọ náà ti ń ròyìn, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù, ni “here” ṣe di “there”. “Tomorrow” ti Kúnlé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ó sì ti kọjá, ló ṣe di “the next day”.

Ṣùgbọ́n ká ní ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ló ròyìn rẹ̀, “tomorrow” lè dúró, “will” náà lè dúró. Nítorí náà, lẹ́nu ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, gbólóhùn ọmọ yín kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àṣìṣe. Ìdánwò ni kì í sábà sọ ọjọ́ tí ìròyìn wáyé, kó yáa kọ “He said that he was coming the next day.” Bí ó bá sì jẹ́ “says” ló ṣáájú, “is” ò kúrò níbi tó wà.

“Paid” máa ń di “had paid”, ṣùgbọ́n “had paid” ò níbi tó tún lè sún sí, bẹ́ẹ̀ ni “could” àti “should” kì í yí.

Ibi tó ń dun èmi jù ni “òun”. “Kúnlé sọ fún Délé pé òun ti fìdí rẹmi”: gbogbo wa mọ̀ pé Kúnlé ló fìdí rẹmi. Ẹ wá wo ti Gẹ̀ẹ́sì: “Kunle told Dele that he had failed.” Ta ni “he”? Ó lè jẹ́ Kúnlé, ó lè jẹ́ Délé. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí ọmọ náà tún orúkọ kọ: “Kunle told Dele that he, Kunle, had failed.” Kò dùn létí, àmọ́ ó yéni.