IFERROR ló bo bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, A:Z ló sọ ẹrù di wíwúwo

"Ẹ jọ̀ọ́, IMPORTRANGE mi nínú Google Sheets ń gbé #REF! jáde. Mo tún un ṣe, ó tún ní Result too large. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti jìyà méjèèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nídìí ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Fáìlì kan la fi ń kọ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá lójoojúmọ́, òmíràn tí IMPORTRANGE ń kó o wá sí ni alága àti àwọn ìgbìmọ̀ ń wò.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ ti fi IFERROR tàbí QUERY wé fọ́múlà yín. Ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ kọ IMPORTRANGE nìkan sínú àpótí tó ṣófo. Ẹ wá gbé atọ́ka lé #REF! náà, "Allow access" á yọ, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ láṣẹ láti wo fáìlì tí ẹ ń kó nǹkan láti inú rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń wá àṣìṣe, àṣé IFERROR tí mo fi síbẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Àpótí funfun báláú ni mò ń rí.

Ẹ má fi ẹni tó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la ṣe ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ o. Àkọ̀wé wa ló tẹ tiwa. Ìgbà tó lọ, a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí fáìlì àkọ́kọ́, bí #REF! ṣe padà dé nìyẹn.

Ti Result too large, 10 MB ni ìwọ̀n ohun tí IMPORTRANGE lè kó lẹ́ẹ̀kan. Èmi kọ A:Z, mo wá fi QUERY sí ìta pé yóò dín in kù. Kò lè dín in kù, torí IMPORTRANGE ní láti kó gbogbo ẹrù dé ilé kí QUERY tó rí i ṣà. Ibi tí ẹrù wà gan-an ni kí ẹ ti dín in. Mo ṣí ojú ìwé tuntun nínú fáìlì àkọ́kọ́, mo pè é ní Akopo, mo kọ èyí sí A1 rẹ̀. Nínú ojú ìwé Owo tí a ń kọ owó sí, orúkọ wà ní òpó B, owó wà ní C:

```
=QUERY(Owo!B2:C, "select B, sum(C) where B is not null group by B label sum(C) ''", 0)
```

Nínú fáìlì kejì, mo wá kọ:

```
=IMPORTRANGE("URL", "Akopo!A1:B400")
```

Ẹ fi lìńkì fáìlì yín rọ́pò URL. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà tẹ́lẹ̀ di ìlà kan fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka iye ọmọ ẹgbẹ́ yín kí ẹ tó kọ 400, torí ẹni tó bá bọ́ sí ìlà 401 kò ní hàn, kò sì ní sí àṣìṣe kankan tí yóò kì yín nílọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ń dùn mí lọ́kàn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ "Allow access", ẹnikẹ́ni tó bá lè tún fáìlì kejì kọ lè fa ohunkóhun jáde nínú fáìlì àkọ́kọ́, títí kan nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn. Wíwò nìkan ni mo fún àwọn ìgbìmọ̀ láàyè láti ṣe.