Má tíì kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀

"Ẹ̀yin ìyá wa, ọkọ mi ríṣẹ́ sí Ọ̀fà, kò sì ṣeé fi sílẹ̀. Olùkọ́ ìjọba ni mí n'Íbàdàn, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n lọ wá òmíràn lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má kọ ìwé yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án bíi tìrẹ ni èmi náà sọ nù. Ní 2013 ni mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ l'Ọ́ṣun, tí mo bá ọkọ mi lọ sí Òmù-Àrán. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ni nílé-ìwé aládàáni, owó tí wọ́n ń san kò tó ìdajì èyí tí mo ń gbà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá gbà mí, ìpele 8 ni wọ́n kọ sínú ìwé mi, èmi tí mo ti wà ní ìpele 10. Mo kó gbogbo ìwé iṣẹ́ mi àtijọ́ lọ bá akọ̀wé. Ó ṣí wọn títí ó fi kan ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi, ó fi ìka lé e: "Màdámù, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ò ṣe mọ́." Mi ò rí èsì fún un. Omi ni mo ń nù lójú títí mo fi dé gáréèjì.

Tíránsífà ni kó o béèrè. Òun ló ń gbé ọdún iṣẹ́ àti ìpele ẹni láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Kọ́kọ́ lọ sí Ìlọrin, kó o béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ olùkọ́ bóyá ààyè wà fún ẹ̀kọ́ tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí kò bá sí, ńṣe ni wàá dúró. Lẹ́yìn náà, gba ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé rẹ kọ̀wé sí àjọ tìrẹ n'Íbàdàn. Ìbàdàn gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ, Ìlọrin gbọ́dọ̀ gbà ọ́. Oṣù mẹ́jọ ló gba ọ̀rẹ́ mi kan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò pa iṣẹ́ jẹ níjọ́ kan, torí bí wọ́n bá kọ ọ́ pé o sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bí ìwé Ìlọrin bá dé, fara balẹ̀ kà á kó o tó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ọ́ síṣẹ́ n'Íbàdàn ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà gan-an ni wọ́n pè ní ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́, ẹni tuntun ni wọ́n sọ ọ́ dà yẹn. Dá a padà kíá.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Kwara gbòòrò gan-an. Wọ́n lè gbé ọ lọ sí Barutẹn lẹ́bàá ààlà Benin, Ìbàdàn tó o ti kúrò á sì sún mọ́ Ọ̀fà jù ú lọ. Nínú ìwé àkọ́kọ́ ni kó o ti sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀fà tàbí Ọ̀yun lo fẹ́, kó o so ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó yín àti ìwé iṣẹ́ ọkọ rẹ mọ́ ọn.